Ẹgbẹ̀rún Kan Náírà Tí Oníbàárà Ní Kí N Yọ

Oníbàárà orí Wọ́tísáàpù kì í kí ni tán kí ó tó béèrè pé, "Èló ni jálẹ̀?" N kò ka ìyẹn sí àfojúdi, ta ni kì í ná ọjà nínú wa? Ìṣirò ni mo fi ń dáhùn.

Àdìrẹ kan tí mò ń tà ní ₦10,000 ti gba ₦7,000 lọ́wọ́ mi. Èrè ku ₦3,000. Bí mo bá yọ ₦1,000, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni lójú oníbàárà, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́ta èrè mi ni. Mo ní láti ta mẹ́ta kí n tó rí èrè tí méjì ń mú wá tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ ọ́ pé: "Ẹ má bínú mà, ₦10,000 ni ẹyọ kan. Bí ẹ bá mú méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ san ₦19,000." Èrè mi di ₦5,000. Bí ó bá ta kú sórí ₦8,000, àdìrẹ mìíràn tí owó rẹ̀ kéré ni mo máa ń fi hàn án. Iye tí a bá kọ sórí fóònù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè fi béèrè tirẹ̀ lọ́la. Èyí tí aró rẹ̀ ṣá nìkan ni mo máa ń dín owó rẹ̀, màá sì ti fi àwòrán ibi tó ṣá ránṣẹ́ kí ó tó sanwó.