Ohùn Tí Kò Lójú

Láti ọjọ́ tí ohùn kan ti pe Ìyá Àgbà lórí fóònù, tí ó ní báńkì ni òun ti ń pè, tí ó sì fi ẹ̀tàn gba nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ lẹ́nu wọn, tí owó àjọ oṣù mẹ́jọ fi bẹ́ẹ̀ lọ, ni wọ́n ti búra pé àwọn kò tún ní í fọkàn tán ohùn tí àwọn kò bá rí ojú rẹ̀.

Ẹ wá wo ìṣòro ibẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ojú tiwọn fúnra wọn ti di bàìbàì. Wọ́n lè fọwọ́ wá bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń gbé ìpè lórí fóònù kékeré wọn, ṣùgbọ́n wọn kò lè rí nọ́ńbà tẹ̀ mọ́. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ wọn tí ń ta tòmátì ní ọjà Maìlì Méjìlá l'Ékòó, kì í dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí ó tó jáde lọ pàdé ọkọ̀ tí ń kó apẹ̀rẹ̀ tòmátì bọ̀ láti Òkè Ọya. Fúnmi, ọmọ Àbẹ̀kẹ́, tí ń jókòó tì wọ́n, yóò sì wọ yunifásítì lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀.

Fúnmi gbé fóònù ńlá kan kalẹ̀ níwájú wọn.

"Ìyá Àgbà, ẹ kàn pè é ni. Ẹ ní, 'Héè, Gúgù.'"

"Ọmọ ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé èmi yóò máa pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ láàárọ̀ láìkí i?"

"Kì í ṣe ènìyàn, mà. Ẹ̀rọ ni."

"Inú ẹ̀rọ náà ni ẹni tí ó kó owó mi lọ ti sọ̀rọ̀. Ṣé ó ń gbọ́ wa báyìí?"

Ọmọ náà kò parọ́ fún wọn. Ó ní ẹ̀rọ náà ń dẹtí de orúkọ rẹ̀ ni. Bí a bá ti pè é, ohun tí a bá sọ tẹ̀ lé e yóò gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tí ó ṣe é. Ó ní nígbà mìíràn ó máa ń ṣì gbọ́, tí yóò rò pé òun ni a pè. "Nítorí náà, ẹ má ṣe dárúkọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín níwájú rẹ̀ láé."

Ìyá Àgbà mi orí. Àwọn tí ń ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà sọ èyí fún ènìyàn. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kí n gbọ́ bí ó ṣe ń ṣe é."

Wọ́n pè é, wọ́n sì fi Yorùbá bẹ̀ ẹ́ kí ó bá àwọn pe Àbẹ̀kẹ́. Kò yé e. Fúnmi ní kí wọ́n sọ pé, "Kọ́ọ̀lù Àbẹ̀kẹ́." Wọ́n sọ ọ́. Ohun tí ẹ̀rọ náà kọ sójú ni: call a baker. Ẹni tí ń ṣe búrẹ́dì ni ó ń wá kiri!

Ẹ̀rín pa Fúnmi, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó fà á. Èdè Òyìnbó ni wọ́n ṣètò fóònù náà sí; kò mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ Òyìnbó tí ó bá sún mọ́ orúkọ wa jù ni yóò mú. Ó pa orúkọ ìyá rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú àkójọ nọ́ńbà, ó sì kọ Tomato rọ́pò rẹ̀. Ó tún ṣètò rẹ̀ kí ó lè dáhùn bí ojú rẹ̀ bá tilẹ̀ wà ní títì.

"Kọ́ọ̀lù Tòmátò," ni Ìyá Àgbà wí. Fóònù Àbẹ̀kẹ́ dún lọ́jà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é ní àṣetúnṣe. Fúnmi bẹ ọmọ alájọgbé wọn kí ó máa bá wọn ra dátà, kí ó sì máa fi iná sí i, nítorí bí dátà bá tán, bí òkúta lásán ni ẹ̀rọ náà yóò rí.

Ní ọjọ́ kẹrin tí Fúnmi lọ, fóònù kékeré dún. Ohùn ọkùnrin kan ni. Ó ní mọ́tò kọ lu Àbẹ̀kẹ́ lọ́jà, pé àwọn dókítà kò ní í fọwọ́ kàn án àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ rí ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún náírà. Ara Ìyá Àgbà gbọ̀n. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n má ṣe pa fóònù o, pé ẹ̀mí ń lọ.

Wọ́n pa á. Wọ́n yíjú sí fóònù ńlá.

"Héè, Gúgù. Kọ́ọ̀lù Tòmátò."

Ó dún, ó dún. Ariwo ọjà bẹ́ sílé.

"Màámi, kí ló dé? Oníbàárà wà níwájú mi."

"Ṣé ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì pé?"

"Wọ́n pé, mà. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan. Máa tajà rẹ."

Fóònù kékeré tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Wọ́n jẹ́ kí ó máa dún.

Nígbà tí Fúnmi pè láti ilé-ìwé lálẹ́, wọ́n ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Wọ́n ní bí ó bá dé fún ìsinmi, kí ó fi nọ́ńbà tirẹ̀ náà sínú fóònù ńlá.

"Orúkọ wo ni kí n fi pamọ́, Ìyá Àgbà?"

"Máa jẹ́ Búrẹ́dì. Ìyẹn ni ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."