Bí Ẹnìkan Bá Ní Òun Kò Gbà Ńkọ́? Ọ̀rọ̀ Lórí Pínpín Ilẹ̀ Ogún

Ní Ilé-Ogbó níbí, ta ni kò tíì gbọ́ ọ rí pé, "Ẹ fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀, àwọn kan kò gbà"? Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń mú kí ilẹ̀ baba wà láìpín títí àwọn ọmọ fi ń kú, tí àwọn ọmọ-ọmọ sì ń pọ̀ lé e lórí. Èrò tiwa ni pé àìgbà ẹnìkan kò sọ ogún di ohun tí kò ṣeé pín. Ṣùgbọ́n kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí olúwarẹ̀ ń kọ̀ gan-an: ṣé pínpín ni, àbí ìlànà tí a fẹ́ fi pín in?

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan. Ọkùnrin kan kú, ó fi ìyàwó 2 àti púlọ́ọ̀tì 8 sílẹ̀. Ìyálé bí ọkùnrin 2 àti obìnrin 2, ìyàwó kékeré bí obìnrin 1. Àwọn òbí rẹ̀ ti kú ṣáájú rẹ̀, kò jẹ gbèsè, kò sì sọ wàsíyà. Bí a bá fi Súrátù Nísáì pín in, àwọn ìyàwó méjèèjì ni wọn yóò jọ ni ìdá kan nínú mẹ́jọ, ìyẹn púlọ́ọ̀tì 1. Ó ku 7. Ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan gba 2, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan gba 1, ó sì pé géérégé. Bí a bá fi ìdí-igi ti àṣà wa pín in, àwọn ìyàwó kò ní gba nǹkan kan. Ọmọ ìyàwó kékeré nìkan ni yóò gba 4, àwọn ọmọ ìyálé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò sì gba 1-1. Ti orí-ò-jorí ńkọ́? Ọmọ 5 yóò pín in dọ́gba-dọ́gba.

Ṣé ẹ wá rí ìdí tí ọmọbìnrin kan fi lè jókòó lórí ilẹ̀ pé òun kò gbà? Kì í ṣe olóríkunkun. Ìṣirò ni ó ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọkùnrin ìyálé tí ń pariwo ẹ̀sìn ṣe ìṣirò tiwọn. (A ti rí ẹni tí kì í kírun tí ó di onísharía lọ́jọ́ tí a pín ogún.)

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ rí. Subérù Dáwódù ará Èkó kú, ó fi ọmọ 9 láti inú ìyàwó 4 sílẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní orí-ò-jorí ni. Ilé ẹjọ́ tí ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ yí i padà sí ìdí-igi ní 1958, àwọn adájọ́ Lọ́ńdọ̀nù sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní 1962. Wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, ṣùgbọ́n bí ìjà bá wà, olórí ẹbí lè sọ pé kí á lo orí-ò-jorí. Orúkọ Mùsùlùmí ni olóògbé ń jẹ́ o, síbẹ̀ àṣà ni wọ́n fi dá a. Nítorí náà, bàbá tí ó bá fẹ́ kí á fi ìlànà Alùkùránì pín ogún òun, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ ṣì wà.

Bí gbogbo wọn bá ti fẹnu kò lórí ìlànà, tí ẹnìkan sì tún ní ilẹ̀ kò gbọdọ̀ pín, ìmọ̀ Màlíkì tí a ń kà ní ilé kéú kò gbà fún un. Pínpín oríṣi méjì ni. Ti àdéhùn kò gba ipá rárá. Ti gègé lè di túláàsì, bí ìpín kọ̀ọ̀kan bá lè wúlò fún ẹni tí ó ni ín. Ẹ kọ́kọ́ mú àwọn tí wọ́n mọ iye ilẹ̀ wá, nítorí èyí tí ó kọjú sí títì Ìwó kò lè jọ èyí tí ó wà nídìí àkùrọ̀. Iye owó ni kí ẹ fi ṣe ìdá mẹ́jọ, kì í ṣe ìwọ̀n ẹsẹ̀. Kí ẹ yọ ọ̀nà sílẹ̀ fún ti ẹ̀yìn, kí ẹ tó ṣẹ́ gègé. Ẹni tí ìpín rẹ̀ jẹ́ 2, kí ó gba méjì tí ó fara kanra. Bí ó bá jẹ́ ilé kékeré tí kò ṣeé gé, ẹ tà á, kí ẹ pín owó. Ẹni tí kò fẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ ẹbí, kí ó san iye tí àlejò fẹ́ san.

Ta ni yóò wá fi túláàsì náà ṣe é? Kì í ṣe ìmáàmù, kì í sì í ṣe àwa olùkọ́. Ìjọba kò dá ilé ẹjọ́ sharía sílẹ̀ ní Ọ̀ṣun. Àwọn tí wọ́n gbà láti gbọ́ràn nìkan ni ìdájọ́ àlùfáà ń mú. Ilé ẹjọ́ gíga ni ó lè pàṣẹ pé kí á pín ilẹ̀ ẹbí tàbí kí á tà á. Ọmọ ẹbí tí ó bá dá nìkan tà á láìsí olórí ẹbí, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìgba ohùn aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n lè fọ́ ọ ní kóòtù. A kò mọ ohun tí ó ń mú kí àwọn kan máa fi òru pe sọ̀fíọ̀.

Ẹni tí ó kọ̀ kò pàdánù ogún rẹ̀ o. Bí gègé bá ti ja ibì kan fún un, ẹ gbin pèrègún sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé bíi ti àwọn yòókù, kí ẹ má dá oko sí i títí yóò fi wá.