Ẹ Yọ Orúkọ Ọmọ Kúrò, Ẹ Fi Agboolé Rẹ̀ Sílẹ̀

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2024, wọ́n kó ènìyàn 76 wá sí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábùjá nítorí ìwọ́de oṣù kẹjọ ọdún náà. Àwọn ọmọdé wà láàárín wọn. Àwọn kan ṣubú lulẹ̀ nínú kóòtù, fọ́tò wọn sì tàn ká gbogbo ayé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún oṣù náà, ìjọba ti jáwọ́ nínú ẹjọ́ ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ ló sọ pé fọ́tò wọ̀nyẹn ló gba àwọn ọmọ náà sílẹ̀, mi ò sì bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ló ká wa lára nínú fọ́tò náà? Ara tó ti gbẹ ni, àti bí wọ́n ṣe kéré tó níwájú adájọ́. Bí wọ́n bá bo ojú wọn, gbogbo èyí á ṣì hàn.

Abala 205 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé a kò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun tó lè jẹ́ kí wọ́n dá ọmọ tó rúfin mọ̀ jáde. Ìlànà iṣẹ́ àwa oníròyìn ní Nàìjíríà náà kọ̀ ọ́ fún wa láti fi orúkọ tàbí àwòrán tú àṣírí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 nínú ọ̀ràn ìbálòpọ̀, ìwà ọ̀daràn, ètùtù tàbí àjẹ́, ìbáà jẹ́ òun ni wọ́n ṣe níbi, ìbáà jẹ́ ẹlẹ́rìí, ìbáà jẹ́ olùjẹ́jọ́. Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ náà: orúkọ àti àwòrán ni ìlànà wa dárúkọ, òfin ní ohunkóhun. Inú àlàfo yẹn ni a ti ń ṣe àwọn ọmọ léṣe.

Ẹ wo irú ìròyìn tí a máa ń kọ. Èmi ni mo hun eléyìí, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. "Ọlọ́pàá ti mú fọkanáísà ẹni ọdún 43 kan ní Ìdí Arẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ó bá ọmọ bíbí inú rẹ̀, ọmọ ọdún 11, lò pọ̀. Ìyá ọmọ náà, tí ará àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Ìbejì, bá wa sọ̀rọ̀ ní iwájú agboolé wọn." A kò dárúkọ ọmọ, ọkàn olóòtú sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n fọkanáísà mélòó ló wà ní Ìdí Arẹ̀rẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Ìyá Ìbejì? Láti Ọjà'ba títí dé Bẹ́ẹ̀rẹ̀, agboolé ni a fi ń mọ ènìyàn, orúkọ ọmọ la sì fi ń pe ìyá. Ẹni tó kọ "Ìyá Bọ̀dé" ti dárúkọ Bọ̀dé ná. Tí a bá wá fi dúdú bo ojú ọmọ nínú fọ́tò, tí aṣọ ilé ìwé rẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà ilé wọn hàn, kí la bò?

Ó tún burú sí i bí ìwé ìròyìn bá pé méjì. Ọ̀kan dárúkọ ọkùnrin náà, kò sọ pé bàbá ọmọ ni. Èkejì sọ pé bàbá ni, kò dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó ka méjèèjì ti mọ ọmọ. Nítorí èyí ni ìlànà àwọn oníròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi yan ọ̀nà kan ṣoṣo: a lè dárúkọ àgbàlagbà, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun tó máa fi ìbátan òun àti ọmọ hàn.

Àwọn kan á ní ará àdúgbò ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ojú wọn ni ọlọ́pàá ṣe dé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe aládùúgbò là ń bò ó fún. Ọmọ náà á lọ sí ilé ìwé mìíràn, ìdílé ọkọ àfẹ́sọ́nà á ṣe ìwádìí lọ́jọ́ iwájú, ìròyìn wa á sì ṣì wà lórí fóònù.

Ọ̀ràn kan yàtọ̀: ọmọ tó sọnù. Níbẹ̀, orúkọ, fọ́tò àti aṣọ tó wọ̀ ló lè mú un padà wálé, kí a gbé e jáde kíákíá. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rí i, tó sì hàn pé wọ́n ti fipá bá a lò, ìròyìn kejì kò gbọdọ̀ so mọ́ èkíní, kí a sì yọ fọ́tò kúrò níbi tí agbára wa ká.

Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ wa, NUJ ẹ̀ka Ọ̀yọ́, fún ni pé kí gbogbo ilé iṣẹ́ ìròyìn Ìbàdàn fẹnu kò sí ọ̀nà kan náà: kí a dárúkọ ọ̀daràn nígbà tí kóòtù bá ti dá a lẹ́bi, kí a yọ ìbátan, agboolé, ọjọ́ orí ọmọ àti orúkọ tí wọ́n ń pe ìyá rẹ̀ kúrò. Bí ẹnì kan nínú wa bá yà kúrò nínú rẹ̀, asán ni ìpamọ́ àwọn yòókù.