Oorun Kóòdù Kọ́ Ló Ń Jẹ Owó Wa

Ní sáà tó kọjá, ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kóòdù tí àwa fúnra wa kọ ránṣẹ́ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 180 tó wà ní kíláàsì wa pé wọ́n ti gbé ìdánwò aago mẹ́jọ kúrò ní gbọ̀ngàn tí gbogbo wa mọ̀ lọ sí òmíràn. Àwọn tí orúkọ wọn wà lókè ìwé gba ìránnilétí náà lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn mẹ́tàlélógún tó wà nísàlẹ̀, àwọn ẹni T, W àti Y, kò rí nǹkan kan gbà. Àwọn kan nínú wọn lọ jókòó sí gbọ̀ngàn tó ṣófo títí ìdánwò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti dá ẹjọ́. Sáfàlẹ́ẹ̀sì ló fà á, wọ́n ní kóòdù wa máa ń sùn, kó tó jí, àkókò ti lọ. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti jáde níwọ̀n ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ní kí a yáa lọ háyà sáfà kékeré kan tí kì í sùn, kí a fi `cron` sí i, kí ọkàn wa balẹ̀. A bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n àwa tí a ka àkọsílẹ̀ iṣẹ́ náà láti òkè délẹ̀ kò gbà pé oorun ló pa wá. A sì rò pé ẹni tó bá ń fi ẹ̀rù oorun yan láàárín ọ̀nà méjèèjì yìí, ohun tí kò tọ́ ló ń wọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí oorun náà jẹ́. Lórí AWS Lambda tí a ń lò, kóòdù wa kò ní ilé tirẹ̀. Bí àkókò bá tó, aago wọn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ EventBridge Scheduler, á pè é. Lambda á wá yàrá kan fún un, á gbé kóòdù náà wọlé, á tan èdè tí a fi kọ ọ́, á kó gbogbo láíbìrì tó nílò jáde, ìgbà yẹn ni iṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìmúra yìí ni wọ́n ń pè ní kóòlù-sítáàtì. Ó lè má tó ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì lè ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ bí láíbìrì bá wúwo. Bí iṣẹ́ bá ń dé léraléra, yàrá kan náà ni wọ́n á máa lò, ìmúra náà á sì ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń dé lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ojú oorun ni wọn yóò máa bá a ní gbogbo ìgbà. Ibi tí ẹ̀gbọ́n ti sọ òótọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ta ló dúró dè é? Bí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnì lórí fóònù, tó wá ń wo ojú fóònù fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, inú rẹ̀ á ru. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kò sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan. Aago EventBridge Scheduler fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣèlérí ju ìṣẹ́jú kan lọ: iṣẹ́ tí a dá sí 6:30 lè bẹ̀rẹ̀ ní 6:30:00, ó sì lè di 6:30:59. Ẹni tó bá ń ja ìjà ìṣẹ́jú-àáyá méjì nínú aago tó lè yẹ̀ fún nǹkan bí ọgọ́ta, a ò mọ ohun tó ń wá. Àwọn kan tiẹ̀ ń gbani nímọ̀ràn pé kí a máa pe kóòdù náà ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún kó má baà sùn. Iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni o!

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí wa? A dá ààlà ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá fún kóòdù náà, nítorí pé nígbà tí a dán an wò, mẹ́jọ péré ló lò láti kàn sí gbogbo ènìyàn 180. Àṣìṣe wa ni pé ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta léra la máa ń dán nǹkan wò, èyí tó kẹ́yìn la sì máa ń wò. Nígbà kejì, yàrá ti móoru, ìsopọ̀ sí dátábéèsì sì ti wà nílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò sí ìsopọ̀ kankan nílẹ̀, ṣíṣí i gba ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Mẹ́ta àti mẹ́jọ jẹ́ mọ́kànlá. Bí ó ti pé mẹ́wàá, Lambda pa iṣẹ́ náà lẹ́nu ẹni kẹtàdínlọ́gọ́jọ.

Bí iṣẹ́ tí aago pè bá kú báyìí, ohun tí Lambda máa ń ṣe bí a kò bá sọ fún un pé kó má ṣe é ni pé á tún un gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì sí i, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, àti lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ni kóòdù wa bẹ̀rẹ̀ láti orí A, tó tún ṣí ìsopọ̀ tuntun, tó sì tún kú síbì kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta fún àwọn ará òkè, òfo fún àwọn ará ìsàlẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìmúra yàrá fúnra rẹ̀ kò sí nínú ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá yẹn. Lambda kì í kà á mọ́ ààlà tí a dá, ó ní ààlà tirẹ̀. Ohun tó jẹ wá ni ìsopọ̀ tí a ń ṣí nínú iṣẹ́ gan-an. Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n wà nínú àkọsílẹ̀: ìlà `REPORT` ni ẹ ó wò. Bí `Init Duration` bá wà níbẹ̀, ojú oorun ni kóòdù ti jí, iye `Duration` tó wà lórí ìlà náà sì ni kí ẹ fi dá ààlà. Àwa sọ ààlà di ìṣẹ́jú méjì, a sì jẹ́ kí kóòdù máa kọ orúkọ ẹni tó bá ti ránṣẹ́ sí sílẹ̀ kó má baà padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Orí sáfà tí kì í sùn náà, a ì bá ní láti ṣe èkejì yìí, torí pé iná sáfà náà lè kú láàárín iṣẹ́.

Ó wá ku owó. Mẹ́mórì tí a bá gbà àti ìgbà tí kóòdù fi ṣiṣẹ́ ni Lambda fi ń gba owó: gígábáìtì kan fún ìṣẹ́jú-àáyá kan jẹ́ ẹyọ kan. Ní `us-east-1`, dọ́là kan ń ra ẹyọ 60,000, ẹyọ 400,000 àkọ́kọ́ lóṣù sì jẹ́ ọ̀fẹ́. (Owó iye ìgbà tí a pè é wà lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù kan àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́.) Ìránnilétí wa ń lo ìdajì gígábáìtì fún ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá, ìgbà ọgbọ̀n lóṣù: ẹyọ 165. Bí kò tilẹ̀ sí ọ̀fẹ́, kò tó sẹ́ńtì kan. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2025, AWS ti ń ka àkókò ìmúra náà mọ́ owó, síbẹ̀ kò tíì tó sẹ́ńtì kan. Sáfà tó kéré jù ní DigitalOcean jẹ́ dọ́là mẹ́rin lóṣù, yálà ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣe.

Iṣẹ́ wa kejì ló yí ọ̀rọ̀ padà. Kóòdù kan tún wà tó ń yẹ ojú òpó ìkéde kan wò ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan bóyá ìkéde tuntun ti dé. A ò ní dárúkọ ojú òpó náà, ṣùgbọ́n ó máa ń tó ogún ìṣẹ́jú-àáyá kó tó dáhùn. Kóòdù wa kò ṣe nǹkan kan ní gbogbo àkókò yẹn ju kó dúró lọ, Lambda sì ń ka ìdúró náà bí iṣẹ́. Ìgbà 43,200 lóṣù, ogún ìṣẹ́jú-àáyá, ìdajì gígábáìtì: ẹyọ 432,000. Bí ọ̀fẹ́ bá ṣì wà fún wa, sẹ́ńtì mẹ́tàléláàádọ́ta ni. Bí iṣẹ́ mìíràn bá ti jẹ ọ̀fẹ́ náà tán, ó di dọ́là méje àti ogún sẹ́ńtì. Sáfà dọ́là mẹ́rin ti borí nìyẹn, jíjí kò sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀ rárá. Kóòdù tí a ń pè ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ráyè sùn.

Nítorí náà ìbéèrè tó yẹ kí a máa bi ara wa ni pé: wákàtí mélòó ni kóòdù yìí fi ń lajú sílẹ̀ lóṣù? Dọ́là mẹ́rin ń ra ẹyọ 240,000. Pẹ̀lú ìdajì gígábáìtì, nǹkan bíi wákàtí 133 nìyẹn nínú 720, kò tó ìdá márùn-ún oṣù. Ẹni tó bá dín mẹ́mórì kù sí 128 MB á rí ju wákàtí 530 lọ. Iṣẹ́ tó kàn ń dúró lásán kò nílò mẹ́mórì púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára ìṣirò tí Lambda ń fún kóòdù ń dín kù pẹ̀lú rẹ̀.

Ìdẹkùn ńlá kan wà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ẹsẹ̀ bọ̀. Bí ẹ bá gbé dátábéèsì yín sínú nẹ́tíwọ̀kì àdáni lórí AWS, tí kóòdù yín sì ní láti wọ ibẹ̀, kò ní lè jáde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ àyàfi tí ẹ bá fi ẹnu ọ̀nà kan síbẹ̀. Èyí tí wọ́n sábà máa ń júwe ni NAT Gateway. Sẹ́ńtì mẹ́rin àti ààbọ̀ ni fún wákàtí kan, ó sì ju dọ́là méjìlélọ́gbọ̀n lọ lóṣù, kóòdù sùn tàbí kò sùn. Sáfà kékeré mẹ́jọ nìyẹn, nítorí iṣẹ́ tí kò tó sẹ́ńtì kan.

Sáfà náà kò ṣàì ní wàhálà tirẹ̀. Aago UTC ni ọ̀pọ̀ ń lò, tí wákàtí kan fi wà lẹ́yìn tiwa, nítorí náà ẹni tó bá kọ 6 síbẹ̀ á ránṣẹ́ ní aago méje. Bí ojú òpó ìkéde bá fà ju ìṣẹ́jú kan lọ, `cron` á tan òmíràn lé e lórí láìbèèrè. Bí wọ́n bá pọ̀ tó, 512 MB á kún, sáfà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ ó rí `Out of memory` nínú `dmesg`. Ìlà yìí ló gbà wá:

```
* * * * * flock -n /tmp/ikede.lock timeout 55 /home/egbe/ikede.sh
```

`flock` kì í jẹ́ kí èkejì wọlé bí ti àkọ́kọ́ kò bá tíì jáde, `timeout` á sì lé àkọ́kọ́ síta bó bá pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n kò sí ìlà kankan tó lè gba ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ káàdì tí báńkì kọ̀ láti fi san dọ́là lóṣù tí ìdánwò wọlé, tàbí lọ́wọ́ sáfà tí ẹni kan ṣoṣo tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti lọ sìnrú ìlú. Lambda náà ń fẹ́ káàdì, ṣùgbọ́n bí owó bá jẹ́ òdo, kò sí ohun tí báńkì á kọ̀.

Ìdí nìyẹn tí a fi pín in báyìí. Ìránnilétí ṣì wà lórí Lambda, kò sì tíì fo ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí a ti tún un ṣe. Èyí tó ń wo ojú òpó ìkéde ti kó lọ sórí sáfà dọ́là mẹ́rin, bí ẹ̀gbọ́n ṣe fẹ́. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ sáfà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ wà ní ọdún tó kẹ́yìn, ó ń kó ẹrù rẹ̀ ní oṣù tó ń bọ̀, a kò sì tíì rí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.