Ẹ̀dínwó Owó Orí Kì Í Ṣe Ti Gbogbo Ilé Iṣẹ́

Ká ní 40% owó tí ilé iṣẹ́ kan fi ń ṣòwò jẹ́ gbèsè báńkì tí èlé rẹ̀ jẹ́ 25%, tí 60% yòókù sì jẹ́ ti àwọn onípìn-ín tó ń retí èrè 30%. Ní Nàìjíríà, a máa ń yọ èlé kúrò nínú èrè kí a tó ṣírò owó orí, èyí tó jẹ́ 30% fún ilé iṣẹ́ ńlá; nítorí náà, èlé 25% di 17.5%. Gbèsè mú 7 wá, onípìn-ín mú 18 wá, àròpọ̀ wọn, ìyẹn iye tí owó ìṣòwò ń ná ilé iṣẹ́ náà, sì jẹ́ 25%. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni bí àwọn oníṣirò ṣe ń fún ilé iṣẹ́ tó ń pàdánù ní ẹ̀dínwó yìí, nígbà tí kò ní èrè tí ìjọba yóò bu owó orí lé. Láìsí ẹ̀dínwó náà, tirẹ̀ di 28%, iṣẹ́ tó ń mú 26% wọlé á sì máa jẹ ẹ́ lówó lábẹ́nú. Àwọn kan á ní òfin gbà kí a gbé àdánù lọ sí àwọn ọdún tó ń bọ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ̀dínwó tí yóò dé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin kò lè ra ohun tí tòní ń rà, báńkì kò sì ní dúró dè é kó tó gba èlé rẹ̀.