Ẹ Má Tíì Dìde, Orúkọ Ṣì Ń Gòkè

Ní Lagos Town nílùú Akra, àdúgbò tí wọ́n ń pè ní New Town báyìí, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jọ wo Avengers: Infinity War ní ilé kan tí wọ́n ti ń fi fíìmù han èèyàn. Bó ṣe rí Bucky ní Wakanda, ó ní: "Bùrọ̀dá, kí lèyí ń wá níbí? Ṣebí òun ni T'Challa ń lé kiri tó fẹ́ pa?"

Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú fíìmù tí à ń wò. Ìparí àwọn fíìmù mìíràn ló wà, níbi tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gòkè, ìgbà yẹn gan-an ni onífíìmù wa sì máa ń pa ẹ̀rọ kí àwọn oníbàárà mìíràn lè wọlé.

Ẹ jẹ́ ká tọpasẹ̀ Bucky. Lẹ́yìn gbogbo orúkọ nínú Ant-Man (2015), a rí i tí apá irin rẹ̀ há sínú ẹ̀rọ, tí Captain America àti Falcon dúró tì í. Wọn ò ṣàlàyé kankan. Inú Captain America: Civil War tí ń bọ̀ lọ́nà ni wọ́n ti mú ìran náà wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó gbé e débẹ̀ yóò dúró di 2016, yóò tún sanwó. (Àwọn tí ń ta aṣọ òkè mọ irú ọgbọ́n yìí: wọ́n á fi etí aṣọ hàn ọ́, wọn ò ní tú u.)

Nínú Civil War ni T'Challa ti rò pé Bucky ló pa bàbá òun, kó tó rí i pé ẹlòmíràn ni. Láàárín orúkọ ìparí, Bucky ti dé Wakanda, apá irin ti já, ó sì gbà kí wọ́n fi òtútù gbé òun sùn, torí ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀tá gbìn sí i lọ́pọlọ ṣì lè sọ ọ́ di apànìyàn. Ní ìparí Black Panther, oṣù kejì ọdún 2018, ó ti jí, àwọn ọmọdé yí i ká, Shuri sì sọ fún un pé ohun tó máa kọ́ ṣì pọ̀. Oṣù méjì péré lẹ́yìn ìyẹn ni Infinity War jáde. T'Challa kàn gbé apá tuntun fún un, ó di ogun. Fíìmù náà kò ní láti fi ìṣẹ́jú kankan ṣàlàyé ìwòsàn rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo irúgbìn ló ń hù o. Ní ìparí Doctor Strange (2016), Mordo búra pé òun máa lé àwọn oṣó. Nígbà tí fíìmù kejì dé ní 2022, Mordo tí a rí níbẹ̀, ti ayé mìíràn ni.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí ẹ máa dìde: ìran àkọ́kọ́ sábà máa ń wá lẹ́yìn àwọn orúkọ tí wọ́n fi àwòrán ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, èkejì lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ní ti Black Panther: Wakanda Forever (2022), ẹyọ kan ló ní, ìyẹn ti Haiti, níbi tí Shuri ti pàdé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè máa lọ ilé.