Ọrùn Ìgò Ni Kí Ẹ Wò, Kì í Ṣe Nọ́ḿbà

Gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá tẹ àwọn tó ń po ayédèrú ọtí, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn aláṣẹ máa ń fi dágbére fún aráàlú: ẹ máa wo nọ́ḿbà NAFDAC kí ẹ tó ra ọjà. Rédíò a gbé e, tẹlifíṣọ̀n a gbé e, títí tí ìyá àgbà tí kò mọ̀wé rárá fi ń yí ìgò sọ́tùn-ún sósì ní Ọjà'ba láti wá nọ́ḿbà náà kó tó tú owó nídìí ìró. Ìmọ̀ràn náà dára fún ẹni tó fẹ́ mọ ọjà tí wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ti ìgò tí wọ́n tún nǹkan mìíràn rọ sí nínú, kò wúlò fún ohunkóhun. Ìgò náà kì í ṣe ayédèrú. Ilé iṣẹ́ ló ṣe é, ilé iṣẹ́ ló tẹ bébà tó wà lára rẹ̀, nọ́ḿbà tó wà lórí bébà yẹn, nọ́ḿbà tòótọ́ ni. Ohun tó wà nínú ìgò nìkan ló jẹ́ irọ́.

Ibi tí irú ìgò bẹ́ẹ̀ ti ń wá kò fara sin. Ẹni tó bá gba àyíká gbọ̀ngán Màpó kọjá láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé òde ńlá yóò rí i pé àwọn tó ń ṣa ìgò ti jí dé ibẹ̀ ṣáájú àwọn tó ń gbálẹ̀. Ìgò bíà àti ti ẹlẹ́rìndòdò ní ilé tó ń padà sí, inú kéréètì ni wọ́n ń lọ. Ìgò ṣìnáàpù, ti wisikí àti ti jíìnì kò ní ilé iṣẹ́ tó ń bọ̀ wá kó wọn. Púpọ̀ nínú wọn a bọ́ sọ́wọ́ àwọn aláàgbo, àwọn olóyin àti àwọn elépo, iṣẹ́ ọmọlúàbí sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìgò tí bébà ara rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí ìdérí rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀, ní oníbàárà tirẹ̀. Ohun tí oníbàárà yẹn tún nílò kò ju àrọ, kẹ́ẹ̀gì ògógóró kan, omi, àti ṣúgà jíjóná tí yóò fi pa wisikí láró.

Ohun kan ṣoṣo ló máa ń dí i lọ́wọ́, òun náà ni ìdérí. Ìdérí páànù tó wà lórí ìgò ọtí líle kì í ní ojú yíyí kankan nígbà tó bá dé ilé iṣẹ́, bọrọgidi ni. Ẹ̀rọ ni yóò dé e lé ọrùn ìgò, tí yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí kẹ̀kẹ́ kéékèèké yóò sì máa yí i ká títí páànù náà yóò fi wọ inú ojú yíyí ara ìgò, tí etí rẹ̀ nísàlẹ̀ yóò sì ká wọlé sábẹ́ ọrùn ìgò pinpin. Ìdí nìyí tí ìdérí kọ̀ọ̀kan fi bá ọrùn ìgò tirẹ̀ mu bí ìgbà tí a bá rán aṣọ mọ́ni lára. Àárín ìdérí àti òrùka ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti gé e ní ìlà yípo, àwọn ìsopọ̀ tín-ín-rín díẹ̀ ló sì kù tó di méjèèjì mú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí ìgò náà nígbà àkọ́kọ́, àwọn ìsopọ̀ wọ̀nyẹn yóò já, yóò dún ní ọwọ́ ẹni tó ṣí i, òrùka yóò sì kù sọ́rùn ìgò. Ohun tó ti já kò ṣeé so padà. Ìdérí oníke tó wà lórí ìgò omi àti ìgò oògùn olómi náà kò yàtọ̀: òrùka, ìsopọ̀, kí ó já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nítorí náà, ọrùn ìgò ni kí ẹ wò.

Ká sọ pé ẹbí ọkọ kan ní Bẹ́yẹrúnkà fẹ́ ra ṣìnáàpù ìdána. Kí ẹni tí wọ́n rán gbé ìgò náà síbi tí oòrùn ti ń tàn sí i, kó má ṣe rà á nínú òkùnkùn ìsọ̀. Kó wo ìlà tó wà láàárín ìdérí àti òrùka. Bí ìlà náà bá fẹ̀ níbì kan tó sì dín níbòmíràn, tàbí tí òrùka bá sọ̀ kalẹ̀ kúrò lábẹ́ ìdérí, wọ́n ti ṣí i rí. Kó fi èékánná tẹ̀ lé àwọn ìsopọ̀ náà yípo. Àwọn oníjìbìtì a máa fi gúlúù lẹ èyí tó já, ṣùgbọ́n gúlúù tí ń yára gbẹ yẹn máa ń fi nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n fi sí, ojú sì ń rí i lára páànù aláwọ̀. Bó bá jẹ́ ìdérí oníke, wọ́n lè rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná kí òrùka rẹ̀ lè fẹ̀, kí wọ́n fi yọ ọ́ lódindi. Irú òrùka bẹ́ẹ̀ á ti nà jù, á máa yí gbàgẹ̀rẹ̀ lọ́rùn ìgò, ibi tó ti nà á sì ti funfun. Lẹ́yìn náà kó fi ìka méjì di ìdérí mú, kó gbìyànjú láti yí i jẹ́jẹ́. Ìdérí ilé iṣẹ́ kì í mira. Kó dojú ìgò dé sórí bébà funfun, kó kà dé ọgọ́ta. Bí bébà bá tutù, kó dá ìgò náà padà fún ẹni tó ni ín.

Ara bébà ìgò náà ní ohun tó ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí rẹ̀ kò tó ti ọrùn. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ máa ń fi gúlúù sí i ní ìwọ̀n kan náà, ibi kan náà ni bébà sì máa ń wà lára gbogbo ìgò inú páálí kan. Bí ó bá wọ́, bí ó bá hun jọ, bí gúlúù bá yọ sí etí rẹ̀, bí bébà mìíràn bá wà lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ èèyàn ló lẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n tún gbé ìgò méjì tàbí mẹ́ta ti oríṣi kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n wo ibi tí ọtí dé nínú wọn. Ẹ̀rọ kì í rọ ọ̀kan dé ọrùn kó rọ èkejì dé èjìká.

Àwọn kan á ní ọlọ́jà yóò bínú. Kó bínú. Ẹni tó ń ta ojúlówó kò pàdánù nǹkan kan bí wọ́n bá wo ọjà rẹ̀ nínú oòrùn, ẹni tó bá sì já ìgò gbà lọ́wọ́ oníbàárà ti dáhùn ìbéèrè tí wọn kò tíì bi í. Àwọn mìíràn ní ẹnu àgbà mọ ọtí, pé bí wọ́n bá tọ́ ọ wò wọ́n á mọ̀. Èyí ni àwíjàre tó ń pa èèyàn jù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí kú ní Òde-Ìrèlè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí á fọ́ wọn, ojú wọn á ṣú, wọn á dákú, wọn á sì kú. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Lẹ́yìn ọ̀rẹyìn, mẹ́tánọ́ọ̀lù inú ògógóró ni wọ́n rí, èèyàn tó kú sì lé ní mẹ́rìndínlógún. Mẹ́tánọ́ọ̀lù kò láwọ̀, òórùn àti adùn rẹ̀ sì jọ ti ọtí gidi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu kankan kò lè yà wọ́n. Kì í sì í ṣe lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló ń jà. Ara ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ di ásíìdì tí ń ba iṣan ojú jẹ́, ó sì lè tó wákàtí méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó fara hàn. Ẹni tó tọ́ ọ wò ní Ọjà'ba láàárọ̀, tó ní kò sí nǹkan kan, lè má ríran mọ́ lọ́jọ́ kejì. Ògógóró ìta gbangba ni ti Òde-Ìrèlè, àwọn tó mu ún mọ̀ pé òun làwọn ń mu. Ẹni tó ra ògógóró yẹn nínú ìgò olówó ńlá kò mọ̀ rárá.

Àwọn ìlú mìíràn ti kẹ́kọ̀ọ́ tipẹ́ pé èdìdì ló yẹ kí èèyàn wò, kì í ṣe orúkọ. Ní 1982, ẹnì kan da májèlé sáyánáìdì sínú oògùn ẹ̀fọ́rí Táílẹ́nọ́ọ̀lù lórí igbá ní agbègbè Ṣikágò, èèyàn méje kú. Orúkọ ara ìgò wọ̀nyẹn pé, kò sí àléébù lára rẹ̀. Ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe láàárín oṣù díẹ̀ ni pé wọ́n fi dandan lé èdìdì tí ojú lè rí bí wọ́n bá ti já a. NAFDAC náà gbé ìgbésẹ̀ gidi ní 2010 nígbà tó fi nọ́ḿbà abẹ́ ìbòrí sára àwọn oògùn kan, tí èèyàn á ha, tí yóò sì fi ránṣẹ́ sí 38353. Nọ́ḿbà yẹn ní láárí nítorí pé òun náà jẹ́ ohun tí ń bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: oògùn tí wọ́n bá ti ha ojú rẹ̀ kí ẹ tó rà á, ẹ má ṣe gbà á. Kí ló dé tí wọn kò mú irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ dé ìdí ọtí?

Dípò bẹ́ẹ̀, ọtí inú ọ̀rá ni wọ́n gbájú mọ́. Láti oṣù kejì 2024 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fi òfin de ọtí inú ọ̀rá àti inú ìgò tí kò tó 200 mílílítà, ariwo rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀. Wọ́n ní kí ọmọdé má baà rí i rà, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí ọmọdé mutí. Ṣùgbọ́n ọ̀rá kékeré yẹn ló ṣòro láti tún rọ nǹkan sí jù lọ nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń ta ọtí sí. Iná ẹ̀rọ ló pa ẹnu rẹ̀ dé, àmì wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ sì wà ní ojú ibi tí ó ti lẹ̀. Ẹni tó bá gé e, tó fi iná àbẹ́là lẹ̀ ẹ́ padà, ibẹ̀ á wúnjọ, á dúdú, ọ̀rá náà á sì kúrú. Bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì fún un, ibi tó ti ń jò á tutù mọ́ yín lọ́wọ́; bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe sí píọ̀ wọ́tà. Bí ọ̀rá bá kúrò lọ́jà, àgbàlagbà tí kò lówó ìgò ńlá yóò lọ sí ìdí páragà, níbi tí wọ́n ti ń bu ọtí sínú ife láti inú ìgò tó ti wà ní ṣíṣí láti àná. Kò sí ọrùn tí yóò wò níbẹ̀. Àwọn tó ṣe òfin yìí kò rò ó dé ìdí páragà rárá, ó sì yẹ kí wọ́n rò ó.

Ọgbọ́n wíwo ọrùn ìgò yìí kò lè bá gbogbo ibi jà. Oògùn eyín ọmọdé Mai Píkínì tó pa àwọn ọmọ kéékèèké ní 2008, láti ilé iṣẹ́ ni májèlé ti wà nínú rẹ̀, èdìdì rẹ̀ kò já. Àyẹ̀wò irú ìyẹn, ọwọ́ ìjọba nìkan ló wà. Àwọn kan náà sì wà tí wọ́n ra ẹ̀rọ ìdérí tuntun. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo àrọ àti gúlúù lẹ́yìnkùlé, ọrùn ìgò yóò tú u fó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe òde ní Màpó, ní Bẹẹrẹ àti ní gbogbo ìgboro Ìbàdàn, kí ìgò tó kúrò ní iwájú yín, ẹ yọ ìdérí rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ rọ́, ẹ fi ọ̀bẹ já òrùka ọrùn rẹ̀, ẹ ya bébà ara rẹ̀ sí méjì. Aláàgbo àti olóyin ṣì máa rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣà á. Ẹni kan ṣoṣo tí kò ní í rí i lò ni ẹni tó fẹ́ tà á padà fún yín.